Apá Ibo Nínú Òru Ni Ó Ti Ṣẹlẹ̀? Ìpele Oorun àti Ọ̀ràn Ogun Òru

Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Ọlátúnjí Àìná àti Olúyọ̀mí Fámúyìwá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní ogun òru. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdààmú òjijì tí ó máa ń dé bá ènìyàn lóru, tí àwọn ará ilé sì máa ń kà sí iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí tí ó gba ojú àlá wọlé sára. Ìjà láàárín ọkọ tàbí aya ilé àti ti ojú àlá, oúnjẹ tí a jẹ lójú àlá, ìdààmú ní àjìn: gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Èrò àwọn oníṣègùn náà ni pé ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà bo oríṣiríṣi àìsàn mọ́lẹ̀. Igbe ìbẹ̀rù lójú oorun àti ìrìn ojú oorun ni wọ́n kà ṣáájú. Wọ́n sì fi àwọn mìíràn tì í, bí i kí ara kọ̀ láti mira nígbà tí ènìyàn ti jí, wárápá òru, àti ìdàrú ọpọlọ ráńpẹ́.

Ohun kan tí ó yẹ fún àfiyèsí nínú àkójọ náà ni pé àwọn àìsàn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, wọn kì í sì í sábà wá ní àkókò kan náà. Àwọn kan jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ òru, àwọn kan sì jẹ́ ti ìdájí. Nítorí náà, nígbà tí ẹbí bá mú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá sọ́dọ̀ oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa oorun, kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹni náà rí lójú àlá ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Yóò béèrè aago tí ó sùn, àti aago tí ìdààmú náà dé. Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí lè ya ohun tí kò gbà ju sùúrù lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ ìkìlọ̀ àìsàn ńlá. Kí ìdí èyí tó lè hàn, a ní láti mọ bí oorun ṣe ń rìn láti alẹ́ títí di òwúrọ̀.

Ó ti pẹ́ tí èdè Yorùbá ti mọ̀ pé oorun pín sí oríṣi. Òògbé kì í ṣe oorun gidi. Oorun fífẹ́ẹ́rẹ́ ti ẹni tí ìró ilẹ̀kùn lè jí kò sì jọ oorun ìjìkà, èyí tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fi ṣe orúkọ fún oorun tí Ọlọ́run mú kun Ádámù. Ìpín tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò lónìí kò jìnnà sí èyí. Nínú yàrá ìwádìí, wọn a máa lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ orí ẹni tí ó fẹ́ sùn, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, àti mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Wáyà orí ń gba ìgbì iná mànàmáná tí ó ń ti inú ọpọlọ jáde, wáyà ojú ń sọ bí ẹyinjú ṣe ń yí, wáyà àgbọ̀n sì ń sọ bóyá iṣan le tàbí ó dẹ̀. Wọ́n á wá ka àkọsílẹ̀ gbogbo òru náà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní àmì: N1, N2, N3 tàbí R.

N1 ni òògbé. Kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹni tí a bá sì jí nínú rẹ̀ sábà máa ń búra pé òun kò tíì sùn. N2 ni oorun fífẹ́ẹ́rẹ́, òun ni ó sì gba nǹkan bí ìdajì òru àgbàlagbà. Nínú rẹ̀, ìgbì ọpọlọ máa ń yára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa ń yọ ikùn ní àárín, ó sì máa ń tín-ín-rín ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí ó fi jọ ìrànwú tí a fi ń ran òwú. Orúkọ ìrànwú náà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. N3 ni oorun ìjìkà. Ìgbì rẹ̀ ga, ó sì lọ́ra. Kì í ju méjì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìfúnpá máa ń lọ sílẹ̀, ọkàn máa ń lù jẹ́jẹ́, àkókò yìí náà sì ni ara ọmọdé àti ọ̀dọ́ máa ń tú ọ̀pọ̀ họ́mónù ìdàgbàsókè sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ṣòro láti jí ènìyàn nínú rẹ̀. Bí nǹkan kan bá sì jí i tipátipá, ọpọlọ kì í jí tán lẹ́ẹ̀kan náà: ẹsẹ̀ lè jí, ohùn lè jí, kí òye má tíì jí. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún padà wá níwájú.

Ìpele kẹrin, R, ni oorun ìsáré ẹyinjú, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní rẹ́ẹ̀mù. Ní Yunifásítì Ṣìkágò, ní Amẹ́ríkà, ni Eugene Aserinsky, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Nathaniel Kleitman, ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lẹ wáyà mọ́ lára. Ó rí i pé ní àwọn ìgbà kan lóru, ẹyinjú ẹni tí ó sùn fọnfọn a máa sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìpéǹpéjú bí ẹni pé ó ń wo ìran. Nínú àpilẹ̀kọ tí òun àti Kleitman tẹ̀ jáde ní ọdún 1953, wọ́n ròyìn pé àwọn jí àwọn ènìyàn ní ìgbà 27 tí ẹyinjú ń sáré. Ní ìgbà 20 nínú rẹ̀, ẹni náà ní àlá tí ó lè rò yékéyéké. Ní ìgbà 23 tí wọ́n jí wọn nígbà tí ẹyinjú dákẹ́, ìgbà 19 ni wọn kò rí nǹkan kan rántí. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ènìyàn lè lá àlá nínú àwọn ìpele yòókù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n irú àlá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kúrú, ó sì máa ń jọ ìrònú ju ìtàn lọ. Àlá tí ó ní ọ̀nà, ilé, ọ̀tá àti ìjà, inú ìsáré ẹyinjú ni ó ti sábà ń wá.

Ohun ìyanu mìíràn wà nínú ìpele yìí. Ìgbì ọpọlọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ó lajú, ṣùgbọ́n iṣan ara dẹ̀ ju ti ìgbà oorun ìjìkà pàápàá lọ. Michel Jouvet, ní ìlú Líyọ́ọ̀nù ní Faransé, ni ó pè é ní oorun ìtakora nítorí èyí. Láti inú gbòǹgbò ọpọlọ, níbi tí orí ti pàdé ọrùn, ni àṣẹ kan ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ògóóró ẹ̀yìn pé kí iṣan apá, ẹsẹ̀ àti ara má ṣe jẹ́ ìpè. Iṣan tí ń yí ẹyinjú àti iṣan ńlá abẹ́ àyà tí ń fa èémí kò sí lábẹ́ àṣẹ náà. Bí ènìyàn bá ń sá fún màlúù lójú àlá, ọpọlọ rẹ̀ ń pàṣẹ eré sísá ní tòótọ́. Ògóóró ẹ̀yìn ni ó dí ọ̀nà.

Bí àwọn ìpele wọ̀nyí ṣe ń tẹ̀ léra lóru ni ó ṣe kókó jù nínú ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀. Ká mú ọ̀dọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25, tí ara rẹ̀ dá, tí ó sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí ó sì jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 yóò ti gba inú òògbé àti oorun fífẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sínú oorun ìjìkà, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀, yóò padà gòkè sínú oorun fífẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni ìsáré ẹyinjú àkọ́kọ́ yóò dé, tí kò ní ju ìṣẹ́jú 5 sí 10 lọ. Ìyípo kan nìyẹn, ó sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Nínú ìyípo kejì, oorun ìjìkà á kúrú, ìsáré ẹyinjú á gùn díẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di aago kan sí méjì òru, oorun ìjìkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ìgbà náà di òwúrọ̀, oorun fífẹ́ẹ́rẹ́ àti ìsáré ẹyinjú ni wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, èyí tí ó sì kẹ́yìn nínú ìsáré ẹyinjú lè tó ìṣẹ́jú 30 tàbí kí ó jù ú.

Bí ọ̀dọ́ yìí bá ní láti dìde ní aago mẹ́rin ìdájí kí ó lè tètè dé ọjà, wákàtí méjì péré nínú mẹ́jọ ni ó pàdánù. Síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdánù oorun ìjìkà rárá, ṣùgbọ́n ìsáré ẹyinjú tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè tó bí ìdajì èyí tí ì bá ní. Òru kò dà bí aṣọ tí a lè gé níbikíbi kí èyí tí ó kù ṣì jẹ́ irú aṣọ kan náà.

Agbára méjì ni ó ń tò ó báyìí, gẹ́gẹ́ bí Alexander Borbély, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Siwisaláńdì, ṣe là á kalẹ̀ ní ọdún 1982. Èkíní ni gbèsè àìsùn. Bí ènìyàn bá ṣe ń pẹ́ lójú ni ohun kan tí à ń pè ní adẹnosíìnì ń pọ̀ sí i láàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀, tí ó sì ń fa oorun. Kafíìnì tí ó wà nínú obì máa ń jókòó sí ibi tí ì bá jẹ́ àyè adẹnosíìnì. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó jẹ obì lálẹ́ fi lè jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Obì kò san gbèsè náà o, ó kàn pa ẹnu olówó mọ́ ni. Oorun ìjìkà ni ó ń san án, ìbẹ̀rẹ̀ òru sì ni ó ti ń san èyí tí ó pọ̀ jù. Agbára kejì ni aago inú ara, tí ó ń mú kí ooru ara lọ sílẹ̀ jù lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí. Àkókò yìí àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ìsáré ẹyinjú máa ń rọrùn jù fún ọpọlọ. Gbèsè ni ó fi ìjìkà sí ìbẹ̀rẹ̀, aago ni ó fi àlá sí ìparí.

Ká wá wo ilé kan tí ọmọ ọdún 5 àti bàbá àgbà rẹ̀, ẹni ọdún 68, jọ ń gbé. Ọmọ náà sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ó dìde jókòó lójijì, ó fi igbe bọnu, ó ranjú, ó ń làágùn, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń ti ìyá rẹ̀ dànù bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó sùn padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò rántí nǹkan kan. Ojú tí ó là sílẹ̀ láìmọ ènìyàn yìí ni ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ará ilé jù, tí wọ́n fi ń wádìí ẹni tí ó ń bá ọmọ jà.

Aago ti jẹ́rìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wákàtí kan péré lẹ́yìn tí ọmọ ọdún 5 sùn, inú oorun ìjìkà ni ó wà, kì í ṣe inú àlá. Ohun kan ti ta ọpọlọ rẹ̀ jí tipátipá, ara jí, òye kò jí. Ìrìn ojú oorun náà jẹ́ ẹ̀ka igi kan náà: ẹni náà dìde, ó lè ṣí ilẹ̀kùn, síbẹ̀ oorun ìjìkà kò tíì fi í sílẹ̀. Ó sábà máa ń wọ́pọ̀ nínú ìdílé kan ju òmíràn lọ. Ibà, àìsùn tó, àti ìtọ̀ tí ó kún inú lè fà á. Jíjí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tipátipá máa ń mú kí ìdààmú náà gùn sí i ni. Kí a dáàbò bò ó kí ó má ṣubú, kí a sì dúró tì í títí yóò fi rọ̀, ni ó tọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ọjọ́ orí ṣe ń tún oorun tò.

Ọmọ tuntun ń sùn tó wákàtí 16 lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ irú oorun tí yóò di ìsáré ẹyinjú. Inú rẹ̀ ni ó máa ń gbà wọ oorun, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba inú oorun tí ó dákẹ́ kọjá. Àṣẹ tí ń dí iṣan lọ́nà kò tíì lágbára lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọwọ́ fi ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń fa ojú ro, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ta pútúpútú lójú oorun. Kí ó tó tó ọmọ ọdún 3, ìsáré ẹyinjú ti dín kù dé nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú 100, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oorun ìjìkà ni ó gba ipò iwájú ní ìgbà èwe. Kò sí ìgbà tí ó pọ̀ tó ti ọmọdé, òun ni a fi lè gbé ọmọ tí ó sùn sórí àga láti ìta wọlé, kí a bọ́ aṣọ lára rẹ̀, kí ó má mọ̀. Láàárín ìgbà ọ̀dọ́, ó máa ń já wálẹ̀ kíákíá, àkókò yìí náà sì ni igbe ìbẹ̀rù àti ìrìn ojú oorun máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ lọ, oorun ìjìkà ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tí ọkùnrin sì ju ti obìnrin. Nígbà tí ènìyàn bá fi di ẹni 60 ọdún, ó lè ku ìṣẹ́jú díẹ̀ lóru kan. Apá kan nínú èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: ìgbì gbọ́dọ̀ ga dé ibì kan kí a tó lè kọ N3 sílẹ̀ fún un, ìgbì àgbàlagbà sì máa ń kúrú kódà nígbà tí ó bá ń lọ́ra bí ó ti yẹ. Oorun fífẹ́ẹ́rẹ́ á pọ̀ sí i, jíjí láàárín òru á wọ́pọ̀, aago inú ara á sì sún síwájú, tí oorun fi ń tètè kun àgbà lálẹ́, tí ojú rẹ̀ sì fi ń dá kí àkùkọ tó kọ. Ìsáré ẹyinjú kò dín kù tó bẹ́ẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ìdààmú òru àgbàlagbà sábà máa ń gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé ju ti ọmọdé lọ.

Bàbá àgbà inú ilé yẹn sùn ní aago mẹ́wàá. Ní aago mẹ́rin ìdájí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀ṣẹ́, ó ń bú ẹnì kan, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ dì. Nígbà tí ìyàwó pariwo pé, “Bàbá Ṣọlá, èmi ni o!”, ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ ibi tí ó wà, ó sì rò ó pé olè mẹ́ta ni ó ká òun mọ́ oko. Ìtàn tí ó rò àti ẹ̀ṣẹ́ tí ó jù bá ara wọn mu. Gbogbo rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ: ojú dì, kì í ṣe pé ó là, ó jí tán kíákíá, ó rántí, ìparí òru sì ni. Inú ìsáré ẹyinjú ni, àṣẹ tí ó yẹ kí ó dí iṣan lọ́nà ni kò sì ṣiṣẹ́ mọ́.

Jouvet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí irú nǹkan yìí lára ológbò kí ẹnikẹ́ni tó ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn ènìyàn. Wọ́n ba ibi kékeré kan jẹ́ nínú gbòǹgbò ọpọlọ ológbò, nígbà tí ìsáré ẹyinjú sì dé, ológbò náà dìde lójú oorun, ó ń dọdẹ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 1986, Carlos Schenck àti Mark Mahowald pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Minisótà, ní Amẹ́ríkà, ròyìn aláìsàn márùn-ún. Mẹ́rin jẹ́ ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 67 sí 72, tí wọ́n ti ń ṣe ara wọn tàbí ìyàwó wọn léṣe lójú àlá, ẹnì kan fún oṣù mẹ́rin, ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀karùn-ún jẹ́ obìnrin ẹni 60 ọdún tí tirẹ̀ kò ní ipá nínú.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó sọ ọ̀ràn yìí di ńlá. Bí wọ́n ti ń tọ́pa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ní àìsàn Pákínsìn tàbí ìyárán tí ó bá a tan. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, tí ó kó aláìsàn 1,280 jọ láti ilé ìwòsàn 24, fi hàn pé nǹkan bí ẹni 6 nínú 100 ni ó ń bọ́ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí ó fi di ọdún kejìlá, ó ti ju ìdá 70 nínú 100 lọ. Gbòǹgbò ọpọlọ ni ìbàjẹ́ náà máa ń kọ́kọ́ kàn, kí ó tó gòkè dé ibi tí ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Bí imú bàbá náà kò bá gbọ́ òórùn dáadáa mọ́, tí ìgbẹ́ sì ń ṣòro fún un láti bí ọdún mélòó kan, ìfura oníṣègùn yóò pọ̀ sí i.

Kò tíì sí òògùn tí ó lè dá ìbàjẹ́ yìí dúró, nítorí náà ènìyàn lè béèrè pé àǹfààní wo ni ó wà nínú mímọ̀ ọ́n. Àǹfààní kan ni pé mẹlatonínì tàbí kilonasẹ́páàmù, pẹ̀lú àmójútó oníṣègùn, lè mú kí ẹ̀ṣẹ́ òru rọ̀, a sì lè gbé fìtílà, àdá àti àga olórí mímú kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Èkejì tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sọ pé bàbá náà ti ya wèrè, tí wọ́n sì fún un ní irú òògùn tí a fi ń pa wèrè rọ, òògùn náà lè ṣe é ní jàǹbá gidi bí ó bá jẹ́ pé irú àìsàn ọpọlọ yẹn ni ó ń bọ̀ lára rẹ̀. Àwọn oníyàárán irú rẹ̀ kì í lè gba òògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Àwọn òògùn kan tí a ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè fa ẹ̀ṣẹ́ òru fúnra wọn, kódà lára ọ̀dọ́.

Kí ara kọ̀ láti mira nígbà tí ènìyàn jí ni òdìkejì ọ̀ràn bàbá yìí. Òye ti jí, ojú ti là, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ń dí iṣan lọ́nà kò tíì kúrò nílẹ̀. Apá kò gbé, ohùn kò jáde. Nítorí pé iṣan abẹ́ àyà nìkan ni ó ń fa èémí, tí ẹni náà kò sì lè fi ipá mí, ó máa ń dà bí ẹni pé nǹkan jókòó lé e láyà. Nítorí pé àlá kò tíì tán pátápátá, nǹkan náà lè ní ojú àti ọwọ́. Kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sí ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tí kò sùn tó, ẹni tí àkókò oorun rẹ̀ ń yí kiri, àti ẹni tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Bí kò bá sí oorun àsùnjù lọ́sàn-án pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe àmì àìsàn kankan. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe irọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu kò sí nínú rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ ìsáré ẹyinjú tí ọpọlọ fi ń gba ewu gbogbo èyí? Níbi yìí ni àwọn ìwé gbajúmọ̀ ti máa ń sọ ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ. Pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tuntun mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti so àwọn ẹ̀ka ara rẹ̀ pọ̀ nígbà tí kò tíì rí ayé tó. Pé ara ń béèrè rẹ̀ padà tún dájú: bí a bá ń jí ènìyàn ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti dé, nígbà tí a bá fi í sílẹ̀ yóò ní i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mu ọtí sùn máa ń rí èyí. Ọtí tẹ ìsáré ẹyinjú rì ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, ó sì máa ń rú jáde lọ́wọ́ ìdájí pẹ̀lú àlá burúkú. Ẹ̀rí wà pẹ̀lú pé ó ní ipa lórí ìrántí àwọn ohun tí ó kan ni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wà tí òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti dín tiwọn kù gan-an fún ọdún púpọ̀, tí ìrántí wọn kò sì bàjẹ́ ní gbangba. Ní ọdún 1984, àwọn oníṣègùn ní Ísírẹ́lì ròyìn ọkùnrin kan tí àfọ́kù irin wọ inú gbòǹgbò ọpọlọ rẹ̀, tí ìsáré ẹyinjú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lára rẹ̀. Ó ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ lọ, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ gboyè. Ohun yòówù kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó dà bí ẹni pé ọpọlọ àgbàlagbà ní ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀rí aago tí a ti ń sọ láti òkè wá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ọjà mọ́jú, tí ó wá sùn ní aago méje òwúrọ̀, gbèsè àti aago ara rẹ̀ kò sí ní ìrépọ̀ mọ́. Ìsáré ẹyinjú lè tètè dé bá a, kí ìjìkà àti àlá sì súnmọ́ ara wọn. Ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ méjì lè ní oorun ìjìkà títí lọ sí ìdájí. Wárápá òru kì í bọ̀wọ̀ fún aago: ó lè wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru kan, ohun tí ẹni náà ń ṣe a sì máa jọra ní gbogbo ìgbà, bí ẹni tí ń tún ijó kan náà jó. Ẹni tí ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dí lóru náà lè máa ta apá ta ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń jà lójú àlá, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni ó nílò ìtọ́jú. Nítorí èyí ni oníṣègùn kì í fi ìtàn nìkan dá ẹjọ́ bàbá àgbà. Yàrá ìwádìí ni yóò fi hàn bóyá iṣan àgbọ̀n rẹ̀ kọ̀ láti dẹ̀ nígbà tí ẹyinjú ń sáré. Níbi tí kò bá sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ nítòsí, kí ìyàwó fi fóònù ya fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà fún òru méjì tàbí mẹ́ta, kí aago hàn nínú rẹ̀, kí ó sì kọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ sùn sílẹ̀, pẹ̀lú òògùn àti ọtí tí ó mu lálẹ́ ọjọ́ náà.